Ṣùkú àti Kòlẹ́sẹ̀ Lábẹ́ Ìborí: Èwo Ló Ń Báni Dé Alẹ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, oníbàárà mi kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú yà sí ìsọ̀ mi ní Àdátán, l'Abẹ́òkúta níbí, kó tó kọjá sọ́jà. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó kàn ká hijáàbù rẹ̀ sókè, ó ní, "Ìyá Onídìrí, ẹ wo nǹkan tí ẹ ṣe fún mi." Sátidé ni mo di ṣùkú fún un. Ìlà rẹ̀ ṣì hàn gbangba, ìdí rẹ̀ ṣì le, àtàrí rẹ̀ ṣì dúró bí mo ṣe fi sílẹ̀. Àmọ́ irun iwájú orí ti rú jágajàga, bí ẹni pé ó ti lo oṣù kan. Ó ní ọjọ́ Àìkú ni òun lọ síbi ìkómọ, tí hijáàbù ń yọ̀ sẹ́yìn lórí òun láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí òun sì ń fà á padà síwájú.

Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé hijáàbù ni èmi náà ń lò. Irun náà dára lóòótọ́. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò béèrè irú aṣọ tí yóò wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa onídìrí ni pé kí irun dùn ún wò lójú títì. Irun tí aṣọ máa bò fún wákàtí mẹ́rìnlá ní òfin tirẹ̀, òfin náà kò sì ju méjì lọ: ibo ni aṣọ ń fà sí, ibo sì ni irun ga sí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti àkọ́kọ́. Aṣọ orí kì í dúró jẹ́ẹ́. Iwájú la ti ń fà á lọ sẹ́yìn nígbà tí a bá ń wé e. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ mú ọjà nílẹ̀, á sún díẹ̀. Tí a bá gbójú sókè bá ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn sọ̀rọ̀, á tún sún. Díẹ̀díẹ̀ náà ni, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ni aṣọ ń fi ara ha irun. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ lára: tí o bá pa á bí irun rẹ̀ ṣe sùn, á máa dán; tí o bá pa á lódì, gbogbo rẹ̀ á dìde. Orí wa náà nìyẹn. Irun tó sùn síbi tí aṣọ ń lọ máa ń pẹ́. Èyí tó kọjú ìjà sí aṣọ ló ń tètè rú.

Wàyí o, ẹ wo ṣùkú. Láti gbogbo etí orí ni ìlà rẹ̀ ti ń gòkè, tí gbogbo wọn á sì pàdé ní àtàrí. Ìlà iwájú ń lọ sẹ́yìn, ìyẹn bá aṣọ mu. Ìlà ìpàkọ́ ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìyẹn kò bá a mu, àmọ́ ìpàkọ́ kì í sábà yọ wá lójú ẹnikẹ́ni. Ibi tí wàhálà wà gan-an ni òkè kékeré tó wà lórí àtàrí. Aṣọ tó bá gun òkè máa ń wá ibi tó máa sọ̀ sí. Apá ẹ̀yìn ló ń sọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ pọ̀ sí, ibẹ̀ ló wúwo sí. Bó bá ti yọ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ á lọ sókè, á fà á padà síwájú. Fífà síwájú yẹn ló ń pa irun iwájú lódì. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ogún lóòjọ́, irun iwájú ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà mi gan-an nìyí: òkè tó wà lẹ́yìn ló jẹ̀bi irun tó rú níwájú.

Àwọn kan tún ní ìdí mìíràn tí wọn kì í fi í di irun tó ga lábẹ́ hijáàbù. Ẹ ó ti gbọ́ tí àwọn àáfà ń kìlọ̀ pé kí orí obìnrin má ga lábẹ́ ìborí bí iké ràkúnmí. Ìyẹn wà láàárín kálukú àti àáfà rẹ̀. Ti bí irun á ṣe dúró ni èmi ń sọ.

Kòlẹ́sẹ̀ yàtọ̀. Iwájú ni gbogbo ìlà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹ̀yìn ló sì ń parí sí. Bí aṣọ bá ń lọ sẹ́yìn, irun náà ń lọ sẹ́yìn. Kò sí òkè lórí, nítorí náà aṣọ kì í yọ̀, ọwọ́ kì í sì í lọ sókè láti tún un ṣe. Tí ó bá jẹ́ pé orí nìkan la ń wò, ìdíje ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ ní kòlẹ́sẹ̀ kò sọ fún wa pé ó nírù. Ìrù yẹn, níbi tó ń kó jọ sí lórí ọrùn, ni gbogbo àléébù rẹ̀ wà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín ibi tí ẹ ń so ìborí yín sí. Tó bá jẹ́ hijáàbù tí ẹ ń fi pínnì dè sábẹ́ àgbọ̀n, ìrù kòlẹ́sẹ̀ kò ní yọ yín lẹ́nu. Á kàn sùn sínú aṣọ ni. Tó bá jẹ́ síkáàfù tí ẹ ń so kókó rẹ̀ sí ìpàkọ́, bí ọ̀pọ̀ ìyá ṣe ń so ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, kókó aṣọ á gun orí ìrù irun. Méjèèjì á jọ máa jà. Kókó á máa tú, ẹ ó máa so ó le sí i, tó bá sì di ọ̀sán, ọrùn á máa ro yín. Mo ti rí ẹni tó rò pé orí ń fọ́ òun, tó ń gbé oògùn mì, tó sì jẹ́ pé kókó síkáàfù lórí ìrù irun ni.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ fọwọ́ kan ìpàkọ́ yín báyìí. Egungun kan yọ síta níbẹ̀, kòtò kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó dé ọrùn. Kòtò yẹn ni ilé ìrù irun. Nígbà tí oníbàárà mi padà wá ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo tú ṣùkú náà, mo fi àdí àgbọn díẹ̀ pa irun rẹ̀, mo sì la ìlà méjìlá sí i, kòlẹ́sẹ̀ gbọọrọ, láìfi atáṣímẹ́ǹtì sí i. Mi ò jẹ́ kí ìlà tinrín ju ìka kékeré lọ, nítorí ìlà tó bá tinrín jù máa ń fa awọ orí. Mi ò sì jẹ́ kó nípọn bí àtàǹpàkò, nítorí ìyẹn máa ń hàn gọ́ọ́lọ́gọ̀ọ̀lọ̀ lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Níwájú, mo fi irun múlọ́múlọ́ tó wà ní etí orí sílẹ̀, mi ò fà á wọ inú ìlà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó rọ̀.

Nígbà tí mo dé ọrùn, mi ò jẹ́ kí ìlà méjìlá rọ̀ dirodiro. Mo pín wọn sí méjì, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, mo di ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrù kan. Mo wá mú ìrù ọ̀tún lọ sápá òsì, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú kòtò yẹn. Mo mú ti òsì kọjá lórí rẹ̀ wá sápá ọ̀tún. Òwú dúdú ni mo fi so etí wọn mọ́ ìdí ìlà, kì í ṣe pínnì, nítorí pé pínnì á máa gúnni tí èèyàn bá fi orí ti ìjókòó nínú kòrọ̀pẹ́. Mo da hijáàbù bò ó, mo ní kó yí ẹ̀yìn sí mi. Ìpàkọ́ rẹ̀ rí bí ìpàkọ́ ẹni tí kò dirun rárá. Gbogbo rẹ̀, títú àti dídì, gbà wá bíi wákàtí méjì, nítorí irun rẹ̀ pọ̀.

Ẹ má rò pé mo ti sọ ṣùkú nù. Ẹni tó ń fi aṣọ wé gbogbo orí, tó ń so kókó rẹ̀ síwájú tàbí ẹ̀gbẹ́, lè di ṣùkú láìsí wàhálà, nítorí aṣọ náà á yí òkè yẹn ká, á dì í mú ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ṣùkú, àmọ́ tó ń lo hijáàbù, kó ní kí onídìrí rẹ̀ mú un wá sẹ́yìn: dípò kó pàdé ní àtàrí gan-an, kó pàdé ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ àtàrí. Kò ní dùn ún wò bí ojúlówó ṣùkú tí orí bá wà lóde, ṣùgbọ́n òkè náà á di ara ìpàkọ́, aṣọ kò sì ní rí ibi tó máa ti sọ̀.

Nípa ti àlùwàlá, nǹkan kan wà tí mi ò rí kí onídìrí sọ fún oníbàárà rí. Ẹni tó bá ń kí ìrun rẹ̀ ní ìsọ̀ á ṣí orí ní ọ̀sán, á ṣí i ní ìrọ̀lẹ́, á sì tún ṣí i bí oòrùn bá wọ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń pa orí ni pé ọwọ́ tútù á ti iwájú lọ sẹ́yìn dé ọrùn, á sì tún padà wá síwájú. Ẹ rántí ewúrẹ́ tí mo sọ. Àlọ ọwọ́ yẹn dára fún kòlẹ́sẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ló ń gbé irun dìde, omi á sì jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀ bó ṣe dìde. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí àlùwàlá rẹ̀ padà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń gbọn ọwọ́ kí omi má máa kán. Tí mo bá parí àlùwàlá tán, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ tẹ irun lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí n tó da aṣọ bò ó. Ìṣẹ́jú kan kò pé níbẹ̀. Fún ṣùkú, àlọ àti àbọ̀ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ lódì sí apá kan orí, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Irun tó mókè gbogbo wọn níbi ọ̀rọ̀ omi ni irun òwú, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Òwú ti yí irun náà po láti ìdí dé orí, kò sí irun tí aṣọ lè ha, kò sí èyí tí omi lè gbé dìde. Kò sí atáṣímẹ́ǹtì tó wúwo lára rẹ̀. Tí wọ́n bá tú u, irun á ti nà láìfi iná kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ kí irun yín gùn lábẹ́ hijáàbù láìsí ariwo, òun gan-an ni mo máa ní kí ẹ dì. Àmọ́ irun òwú kì í gbọ́ràn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á tún dìde bí okùn wáyà, aṣọ á sì rí ṣóńṣó níbí, ṣóńṣó lọ́hùn-ún. Ó máa ń gba pé kí onídìrí tẹ gbogbo rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, kó so èyí tó wà níwájú mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé ọrùn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òwú gidi ni wọ́n lò, kì í ṣe òwú rọ́bà tí wọ́n so le jù. Rọ́bà máa ń gé irun nígbà títú. Ẹni tó ń lo hijáàbù tó nípọn ló yẹ kó di í. Ẹni tí ìborí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó padà sí kòlẹ́sẹ̀.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tó ń ti ọrùn wá síwájú, lòdì sí aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń kó ìrù rẹ̀ jọ síwájú orí. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tí orí máa wà lóde. Pàtẹ́wọ́ ń gbé ebè kan sáàárín orí, aṣọ sì máa ń pín sí méjì lórí ebè náà. Irun ẹlẹ́yọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú atáṣímẹ́ǹtì máa ń pẹ́ lórí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ká a jọ kí ẹ tó da aṣọ bò ó, ìdì yẹn wúwo, ibi tí ẹ bá sì dì í sí ló ń fà. Àwọn kan sì wà tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n fi irun mìíràn kún irun wọn, nítorí náà kò sí lára ohun tí wọ́n ń yàn nínú rẹ̀. Ẹni tó fi rẹ́lásà sírun, tó kàn kó o jọ sẹ́yìn, orí rẹ̀ á tẹ́jú lábẹ́ aṣọ dáadáa, àmọ́ bí òógùn bá dé, irun iwájú á ká kò.

Lórí aṣọ fúnra rẹ̀, àwa ará Abẹ́òkúta fẹ́ràn àdìrẹ, òwú sì ni àdìrẹ. Òwú ń fa epo kúrò lórí irun, ó sì ń ha á ju aṣọ tó ń yọ̀ lọ. Ẹ wọ fìlà inú tó jẹ́ sátíìnì sábẹ́ rẹ̀, irun á dúró. Kìkì pé sátíìnì máa ń yọ̀, àdìrẹ tó wà lórí rẹ̀ náà á fẹ́ bá a yọ̀. Èyí tí mo ń lò ni fìlà tí inú rẹ̀ jẹ́ sátíìnì tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ òwú: èyí tó ń yọ̀ kọjú sí irun, èyí tó ń di nǹkan mú kọjú sí ìborí. Aránṣọ lè rán an láti ara ègé aṣọ. Kí rọ́bà etí rẹ̀ má le. Tí ẹ bá bọ́ fìlà lálẹ́ tí ìlà jíjìn wà níwájú orí yín, ó le jù nìyẹn.

Èyí mú mi dórí ohun tí mi ò lè fò. Kòlẹ́sẹ̀ tó le pọ̀ mọ́ ìborí tó le, fífà méjì lójú kan ni. Ẹ̀bátí ló kọ́kọ́ ń san gbèsè rẹ̀. Irun tí wọ́n dì dáadáa kì í dunni débi pé èèyàn kò ní lè sùn. Tí ẹ bá rí èélá kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ tó tò sí etí iwájú orí, tàbí tí ẹ kò lè gbé ìpéǹpéjú sókè láìjẹ́ pé awọ orí fà, ẹ má sọ pé yóò rọ̀ tó bá di ọjọ́ kẹta. Ẹ padà lọ kí wọ́n tú ìlà iwájú, ó kéré tán. Irun kúkurú tó ń ṣẹ́ lẹ́bàá etí ni ìkìlọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ojú ibẹ̀ bá ti ń dán, tí kò hu nǹkan kan mọ́ fún oṣù mélòó kan, dókítà awọ ara ni kí ẹ lọ rí, kì í ṣe èmi.

Ẹ má sì fi irun tútù sábẹ́ aṣọ. Ẹni tó fọ orí ní aago márùn-ún àárọ̀, tó da hijáàbù bò ó ní mẹ́fà, tó wọkọ̀ láti Ọbáńtókò lọ sí Kútọ̀ nínú ooru, òórùn tí yóò bọ́ síta ní alẹ́ kì í ṣe ẹ̀bi irun, kì í sì í ṣe ẹ̀bi onídìrí. Alẹ́ Fúráìdé tàbí ọjọ́ tí ẹ kò jáde ló dára fún fífọ orí, kí ìdí ìlà lè gbẹ. Ìdí ìlà ló máa ń gbẹ kẹ́yìn; ẹ má fi orí ìlà ṣe òdiwọ̀n.

Oníbàárà mi lo kòlẹ́sẹ̀ yẹn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tó padà wá, mo ká hijáàbù rẹ̀ sókè fúnra mi. Iwájú ṣì sùn. Ibi tó ti ń rú díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, lókè etí. Mo béèrè, ó ní ẹ̀gbẹ́ tí òun fi ń sùn nìyẹn, òun kì í sì í dé fìlà sùn. Ó wá sọ fún mi pé òun ní ìgbéyàwó kan ní Sátidé tó ń bọ̀, ní Ìjẹjà, pé gèlè ni òun máa wé, ṣùkú sì ni òun fẹ́, èyí tó ga dáadáa. Mo ní kó kọ́kọ́ mú gèlè náà wá, kó wé e lójú mi kí n tó la ìlà kankan.